Kọ́ńdíṣọ̀n, wọ́ràntì àbí ìnómínéètì: bí a ṣe ń dá wọn mọ̀ nínú ìbéèrè ìdánwò lórí òfin àdéhùn

Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lọ́yà, mo sì máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin tó wà ní Àkùngbá àti Ìlárá-Mọ̀kín ka ìdáhùn wọn kí ìdánwò tó dé. Orí ìbéèrè kan náà ni wọ́n ti sábà máa ń pàdánù máàkì. Ẹnì kan yẹ àdéhùn, ẹnì kejì bínú, ó ní òun ò ṣe mọ́, ìbéèrè sì parí sí “Gba Adé nímọ̀ràn.” Ohun tí olùkọ́ fẹ́ mọ̀ ni bóyá Adé lẹ́tọ̀ọ́ láti fòpin sí àdéhùn náà, tàbí owó gbà-má-bínú nìkan ló tọ́ sí i. Irú gbólóhùn tí wọ́n yẹ̀ nínú àdéhùn ló máa pinnu ìyẹn.

Bí gbólóhùn náà bá jẹ́ kọ́ńdíṣọ̀n, ẹni tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ sí lè fòpin sí àdéhùn kó sì tún béèrè owó, bó ti wù kí ìyẹ̀ náà kéré tó. Bó bá jẹ́ wọ́ràntì, owó nìkan ni yóò gbà, àdéhùn ń bá a lọ. Bó bá jẹ́ ìnómínéètì, a ò lè sọ nǹkan kan títí a ó fi rí ohun tí ìyẹ̀ náà fà.

Ohun tó ya wọn sọ́tọ̀ jù ni ọjọ́ tí à ń wò. Fún kọ́ńdíṣọ̀n àti wọ́ràntì, ọjọ́ tí wọ́n ṣe àdéhùn là ń padà sí: kí ni àwọn méjèèjì fẹ́ kí gbólóhùn yìí jẹ́ nígbà náà? Fún ìnómínéètì, ọjọ́ tí Adé fòpin sí i là ń dúró sí: kí ló ti ṣẹlẹ̀, kí ló sì kù? Ìdáhùn tó bá sọ pé “Adé pàdánù owó púpọ̀, nítorí náà kọ́ńdíṣọ̀n ni” ti da ọjọ́ méjì pọ̀. Ìbàjẹ́ ńlá kì í sọ gbólóhùn di kọ́ńdíṣọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè kan ṣe é. Èmi ni mo kọ ọ́, ṣùgbọ́n irú èyí ni ẹ máa bá pàdé.

Adé ń ra kòkó ní ìlú Oǹdó, ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí èbúté Àpápá. Ó háyà tírélà kan pẹ̀lú awakọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ Bọ́lá ní Àkúrẹ́ fún oṣù 12, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní. Abala 4 ní tírélà náà yóò wà ní ipò tó dára fún kíkó kòkó ní gbogbo àsìkò àdéhùn. Abala 7 ní “ó jẹ́ kọ́ńdíṣọ̀n àdéhùn yìí” pé kí awakọ̀ mú ìwé ìrìnnà wá kí Adé fọwọ́ sí i ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Abala 9 ní Bọ́lá gbọ́dọ̀ fi tó Adé létí ní wákàtí 72 kí tírélà tó dé wá kẹ́rù, “bí wákàtí yìí bá dín, Adé lè fòpin sí àdéhùn lójú ẹsẹ̀.” Abala 11 ní bí ẹnì kan bá yẹ àdéhùn lọ́nà tó wúwo, ẹnì kejì lè fún un ní ìwé ìkìlọ̀, bí kò bá sì tún un ṣe láàárín ọjọ́ 14, àdéhùn lè parí. Ní oṣù kejì, ìfitónilétí dé nígbà tó ku wákàtí 60. Adé ráhùn, ṣùgbọ́n ó kó kòkó rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó sì ń bá a lọ. Lẹ́ẹ̀mejì ni awakọ̀ gbàgbé ìwé ìrìnnà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, gíábọ́ọ̀sì tírélà náà kú ní Ọ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá, mẹkáníìkì ní ó ku ọ̀sẹ̀ kan. Láàárín èyí, owó háyà tírélà ti wálẹ̀ gan-an. Adé kọ̀wé sí Bọ́lá pé òun ò ṣe mọ́. Gba Adé nímọ̀ràn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ya abala kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀

Abala mẹ́ta ni Bọ́lá yẹ̀ níbí: 4, 7 àti 9. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìpínrọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó bá kọ pé “Bọ́lá ti yẹ àdéhùn lóríṣiríṣi, nítorí náà Adé lè fòpin sí i” kò tíì dáhùn nǹkan kan, torí ó lè jẹ́ pé abala kan ṣoṣo ló fún Adé ní ẹ̀tọ́ yẹn, tàbí pé kò sí ìkankan. Abala 11 kò sí lára àwọn tí wọ́n yẹ̀. Ọ̀nà àbájáde kan ni, a ó sì padà sí i.

Ìgbésẹ̀ kejì: ṣé òfin ti sọ irú ẹ̀ fúnra rẹ̀?

Bí ìbéèrè bá jẹ́ lórí títa ọjà, ibí lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ibí ni ẹ ó parí sí. Òfin Títa Ọjà ọdún 1893 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú àkójọ òfin Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ọdún 1959 tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó jogún, ti pe àwọn kan ní kọ́ńdíṣọ̀n: pé olùtajà lẹ́tọ̀ọ́ láti ta ọjà náà, pé ọjà bá àpèjúwe rẹ̀ mu, pé ó ṣe é tà lọ́jà, pé ó yẹ fún iṣẹ́ tí olùrà sọ fún olùtajà, pé ó bá àpẹẹrẹ tí wọ́n fi hàn mu. Ó sì pe méjì ní wọ́ràntì: pé olùrà yóò lo ọjà rẹ̀ láìsí ìdíwọ́, àti pé kò sí gbèsè ẹlòmíràn lórí ọjà náà. Ká ní kòkó ni Adé rà, tí wọ́n ṣàpèjúwe rẹ̀ pé omi inú rẹ̀ kò ju ìdá 7.5 nínú 100, tí èyí tó dé sì jẹ́ ìdá 9, òfin ti parí ọ̀rọ̀ náà fún yín. Nínú ẹjọ́ Arcos v Ronaasen ní 1933, pákó tí wọ́n pè ní ìdajì íǹṣì nípọn fi díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣì wúlò fún iṣẹ́ tí olùrà fẹ́ fi í ṣe, síbẹ̀ kóòtù gbà kó kọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n Adé kò ra nǹkan kan. Háyà ni, iṣẹ́ ni. Gbólóhùn kan tó bá sọ pé Òfin Títa Ọjà kò kan ọ̀rọ̀ yìí tó, kí ẹ kọjá. Mo ti rí ìdáhùn tó fi ojú ìwé kan gbáko ṣàlàyé òfin yìí lórí ìbéèrè háyà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kí ni àwọn méjèèjì fúnra wọn sọ?

Níbí ni olùkọ́ ti máa ń dẹ pàkúté, ẹ fara balẹ̀ kà á. Abala 7 lo ọ̀rọ̀ náà “kọ́ńdíṣọ̀n” gan-an. Ṣé ó tán nìyẹn?

Kò tán. Ẹjọ́ tí ẹ nílò ni Schuler v Wickman, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ní 1973. Ilé-iṣẹ́ Jámánì kan fún ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì láṣẹ láti máa ta ẹ̀rọ rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin àbọ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé kọ́ńdíṣọ̀n ni pé kí aṣojú ṣàbẹ̀wò sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ mẹ́fà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé ní ìbẹ̀wò 1,400. Ṣé bí aṣojú bá pa ẹyọ ìbẹ̀wò kan jẹ, gbogbo àdéhùn lè tú? Ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn adájọ́ ní ìyẹn kò bọ́gbọ́n mu tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè jẹ́ ohun tí wọ́n fẹ́, pàápàá nígbà tí abala mìíràn nínú àdéhùn náà ti la ọ̀nà ìkìlọ̀ àti àtúnṣe sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ “kọ́ńdíṣọ̀n” jẹ́ àmì tó lágbára, ṣùgbọ́n kò dè wọ́n. Adájọ́ kan, Wilberforce, kò gbà pẹ̀lú wọn. Bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀, olùkọ́ yóò mọ̀ pé ẹ ka ẹjọ́ náà ní tòótọ́.

Ẹ wá gbé èyí lé abala 7. Sátidé nǹkan bí 52 ló wà nínú oṣù 12. Ìwé ìrìnnà lásán ni, kò dí Adé lọ́wọ́ láti kó kòkó. Abala 11 sì wà níbẹ̀ tó fún ẹni tó bá yẹ̀ ní ọjọ́ 14 láti ṣàtúnṣe, irú ọ̀nà ìkìlọ̀ àti àtúnṣe tó wà nínú Schuler náà nìyẹn. Bí ìbéèrè bá fi irú abala 11 síbẹ̀, kì í ṣe lásán ló fi í síbẹ̀. Nítorí náà abala 7 kì í ṣe kọ́ńdíṣọ̀n láìka orúkọ tí wọ́n pè é sí, ìgbàgbé méjì kò sì fún Adé ní ẹ̀tọ́ láti fòpin sí àdéhùn.

Abala 9 yàtọ̀. Kò lo ọ̀rọ̀ “kọ́ńdíṣọ̀n” rárá, ṣùgbọ́n ó sọ àbájáde rẹ̀ ní kedere: bí wákàtí bá dín, Adé lè fòpin sí i lójú ẹsẹ̀. Àwọn méjèèjì ti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Kóòtù máa ń bọ̀wọ̀ fún irú èyí kódà nígbà tó bá le: nínú Lombard v Butterworth, tó wà nínú ìwé ẹjọ́ ọdún 1987, wọ́n ti sọ nínú àdéhùn háyà kọ̀ǹpútà pé sísan owó lásìkò jẹ́ pàtàkì jù lọ, kóòtù sì ní kọ́ńdíṣọ̀n ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dùn mọ́ adájọ́ nínú láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ṣé kóòtù ti dá irú rẹ̀ rí?

Ìgbésẹ̀ yìí kì í pẹ́. Àwọn gbólóhùn kan wà nínú òwò tí kóòtù ti sọ pé kọ́ńdíṣọ̀n ni wọ́n, torí pé oníṣòwò fẹ́ mọ ibi tó dúró sí kíákíá láìdúró de adájọ́. Èyí tó wúlò jù fún wa ni Bunge v Tradax, 1981. Olùrà yẹ kó fún olùtà ní ọjọ́ 15 kí ọkọ̀ ojú omi tó dé, kí olùtà lè yan èbúté kó sì kó ẹrù dé ibẹ̀. Ìfitónilétí náà pẹ́ ní ọjọ́ mélòó kan, wọ́n sì dá a pé kọ́ńdíṣọ̀n ni. Ìdí rẹ̀ ló ṣe pàtàkì: iṣẹ́ olùtà so mọ́ ìfitónilétí yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Adé ṣe nílò wákàtí 72 láti kó kòkó jọ láti abúlé. Ẹjọ́ yìí wá ti abala 9 lẹ́yìn. Ẹ rántí pé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í de kóòtù wa, ó kàn lè yí wọn lérò padà ni. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ṣé wọ́ràntì ni?

Ẹ má pẹ́ níbí. Lẹ́yìn èyí tí òfin dárúkọ, ó ṣọ̀wọ́n kí kóòtù òde òní pe gbólóhùn kan ní wọ́ràntì láti ìbẹ̀rẹ̀, àyàfi bí kò bá sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà yẹ̀ ẹ́ kó fi ba ìdí àdéhùn jẹ́. Àwọn ẹjọ́ méjì tí gbogbo ènìyàn mọ̀ jẹ́ ti àwọn akọrin, ọdún kan náà ni wọ́n sì dá wọn, 1876. Nínú Bettini v Gye, akọrin yẹ kó dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú fún ìfidánrawò, ó dé ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Àdéhùn orin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́rin, wọ́n sì ní wọ́ràntì ni. Nínú Poussard v Spiers, ara akọrin kò yá ní alẹ́ tí eré kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti gba ẹlòmíràn. Wọ́n ní ohun tó yẹ̀ wọ ìdí àdéhùn, wọ́n lè lé e lọ.

Ẹ má kàn há àwọn méjèèjì sórí bíi pé alẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́ kọ́ńdíṣọ̀n, ìfidánrawò jẹ́ wọ́ràntì, ó parí. Bí ẹ bá wo Poussard dáadáa, àbájáde àìsàn náà ni adájọ́ gbé yẹ̀ wò, ìdí sì nìyẹn tí mo fi rò pé lónìí wọn ì bá fi ojú ìnómínéètì wò ó. Gbólóhùn kan lórí èyí máa ń gbé máàkì sókè.

Abala 7 lè bọ́ síbí. Ìwé ìrìnnà tó pẹ́ kò lè ba ìdí àdéhùn háyà jẹ́ nírọ̀rùn, ẹ lè pè é ní wọ́ràntì kí ẹ sì fi kún un pé kódà bó bá jẹ́ ìnómínéètì, ìgbàgbé méjì kò tó. Ibi kan náà lẹ ó gúnlẹ̀ sí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìnómínéètì, ibi tí ìbéèrè yìí ti le gan-an

Ẹ wo abala 4. Kò sí òfin tó dárúkọ rẹ̀, àwọn méjèèjì kò sọ àbájáde rẹ̀. Bí ẹ ṣe lè mọ ìnómínéètì nìyí: ẹ bi ara yín pé ọ̀nà mélòó ni wọ́n lè gbà yẹ gbólóhùn yìí. Tírélà tí táyà rẹ̀ kan jò kò sí ní ipò tó dára. Èyí tí tapólì rẹ̀ ya kò sí ní ipò tó dára. Èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jóná pátápátá náà kò sí ní ipò tó dára. Gbólóhùn kan ṣoṣo, ìyẹ̀ kékeré àti ńlá lábẹ́ rẹ̀. Ká ní kọ́ńdíṣọ̀n ni, Adé lè torí táyà kan fòpin sí àdéhùn oṣù 12. Ká ní wọ́ràntì ni, ẹ́ńjìnnì lè jóná kí Adé má lè kúrò. Kò sí èyí tó bọ́gbọ́n mu nínú méjèèjì.

Ohun tí kóòtù rí nìyí nínú Hongkong Fir v Kawasaki, tí wọ́n dá ní ìparí 1961, tó sì wà nínú ìwé ẹjọ́ ọdún 1962. Wọ́n háyà ọkọ̀ ojú omi fún oṣù 24, àdéhùn sì ní ọkọ̀ náà yóò yẹ fún ìrìn àjò òkun. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gbó, àwọn òṣìṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ kò sì tó iṣẹ́ náà ṣe. Nǹkan bí ogún ọ̀sẹ̀ ló ṣòfò fún àtúnṣe, owó háyà ọkọ̀ sì wálẹ̀ lọ́jà láàárín ìyẹn. Àwọn tó háyà á ní àwọn ò ṣe mọ́. Adájọ́ Upjohn sọ pé ìṣó kan lásán tó yọ lára pákó ọkọ̀ ti tó láti yẹ gbólóhùn náà, kò sì sí ẹni tó lè rò pé torí ìyẹn ni àdéhùn yóò ṣe tú. Adájọ́ Diplock ló gbé ìdánwò tí à ń lò kalẹ̀: ṣé ìyẹ̀ náà gba ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àǹfààní àdéhùn lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ sí? Oṣù 17 ṣì kù tí ọkọ̀ náà yóò fi ṣiṣẹ́ dáadáa. Àwọn tó háyà á ló jẹ̀bi.

Bí ẹ bá fẹ́ lo ìdánwò náà fún Adé, ẹ dúró sí ọjọ́ tó kọ ìwé rẹ̀. Àpapọ̀ àkókò tí yóò ṣòfò jẹ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún nínú nǹkan bí 52. Mẹkáníìkì ti fún wọn ní ọjọ́, nítorí náà kì í ṣe àtúnṣe tí a kò mọ òpin rẹ̀. Tírélà náà yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kẹrin, ó sì ku oṣù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́sàn-án. Ẹ má fojú fo ibi tí àwọn oṣù náà bọ́ sí: oṣù kẹta ni ìbàjẹ́ ṣẹlẹ̀, nígbà tí ìkórè ńlá kòkó ti lọ, ìkórè ńlá tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹwàá sì ṣì wà níwájú. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí Adé torí rẹ̀ háyà tírélà kò tíì sọnù.

Ẹ yí i padà díẹ̀ kí ẹ wo bí ìdáhùn ṣe ń yí. Ká ní oṣù mẹ́ta péré ni háyà náà, láti oṣù kẹwàá sí ìkejìlá, tí gíábọ́ọ̀sì kú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ ìgbà tí apá tuntun yóò dé. Gbólóhùn kan náà ni, gíábọ́ọ̀sì kan náà ni, ṣùgbọ́n mo máa gba Adé nímọ̀ràn pé ó lè fòpin sí i. Bí ẹ bá lè kọ irú ìfiwéra yìí ní ìlà méjì, ẹ ti fi hàn pé ìtumọ̀ ìnómínéètì yé yín.

Wíwálẹ̀ owó háyà ńkọ́? Kì í ṣe òun ló ń sọ ẹ̀tọ́ Adé di asán. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti fòpin sí àdéhùn lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí èrè ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a mọ ìdí tí kóòtù fi ń ṣọ́ra kó tó pe gbólóhùn kan ní kọ́ńdíṣọ̀n: ẹni tí ọjà ti já kulẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń wá ìyẹ̀ kékeré tó lè fi sá lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: padà wo ohun tí Adé fúnra rẹ̀ ṣe

Púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dúró kí wọ́n tó dé ibí. A ti sọ pé abala 9 jẹ́ kọ́ńdíṣọ̀n, wákàtí 60 kì í sì í ṣe 72, nítorí náà Adé ní ẹ̀tọ́ láti fòpin sí i ní oṣù kejì. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé ìfitónilétí pẹ́, ó ráhùn, ó sì kó kòkó rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó ń bá a lọ. Ó ti yàn pé kí àdéhùn wà. Kò lè dúró di oṣù kẹrin kó tún lọ wú ẹ̀tọ́ náà jáde. Owó ohun tí wákàtí 12 yẹn bá a jẹ́ nìkan ló kù fún un lórí abala 9, bí ó bá bà á jẹ́ rárá. Bí irú ìyẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ẹ̀tọ́ tuntun ni yóò jẹ́, ṣùgbọ́n kò ṣẹlẹ̀ nínú ìbéèrè yìí.

Abala 11 ni ọ̀nà tó kù. Kódà bí a bá gbà pé ìbàjẹ́ gíábọ́ọ̀sì wúwo tó fún abala yẹn, Adé kò kọ ìwé ìkìlọ̀ kankan. Ìwé ìfòpin-sí ló kọ́kọ́ kọ, kò sì fún Bọ́lá ní ọjọ́ 14.

Ìmọ̀ràn náà wá kò dùn mọ́ Adé. Kò ní ẹ̀tọ́ láti fòpin sí àdéhùn lórí abala kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwé tó kọ fúnra rẹ̀ ti di ìyẹ̀ àdéhùn, Bọ́lá lè gbà pé àdéhùn ti tú kó sì béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀: ìyàtọ̀ láàárín owó háyà tí Adé ì bá san fún oṣù tó kù àti èyí tí tírélà náà lè rí lọ́jà báyìí. Bọ́lá gbọ́dọ̀ gbìyànjú láti wá ẹlòmíràn tí yóò háyà á, kò lè jókòó tì í. Ní ti Adé, ó ṣì lè gba owó tó fi háyà ọkọ̀ mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀ tí tírélà náà fi wà ní Ọ̀rẹ̀, títí di ọjọ́ tó kọ ìwé rẹ̀, kí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí Bọ́lá ń béèrè. Bí àkókò bá ṣì wà kí Bọ́lá tó fèsì sí ìwé náà, ohun tí mo máa sọ fún Adé ni pé kó yára kọ òmíràn láti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.